Ibi Tí Fọ́tò Parí Sí Lára Ọkọ̀ Tó Ti Kọlù

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó ni ẹni tó rà wọ́n kò fojú kàn rí kí ó tó sanwó. Fọ́tò ló rí. Ẹnìkan ní Téksáàsì tàbí Jọ́jíà fi fọ́tò bíi mẹ́wàá ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ó kọ iye tó rò pé ọkọ̀ náà máa lọ sí abẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n tètè dáhùn nítorí pé ọ̀la ni gbàǹjo. Ẹni tó wà ní Èkó gbé fóònù rẹ̀ lọ bá panẹ́lì bítà tó ń bá a ṣe ọkọ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí, ṣé ó ṣeé rà?" Ọ̀gá fi ìka fẹ fọ́tò náà kí ó lè tóbi, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní: "Bọ́dì lásán ni. Kò kan ẹ́ńjìnnì."

Gbólóhùn kékeré yẹn ni mo fẹ́ tú wò, nítorí owó tó ń gun orí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Pé bọ́dì bàjẹ́, ojú lè rí ìyẹn. Pé kò kan ẹ́ńjìnnì, kò sí fọ́tò tó lè sọ ọ́. Ọ̀gá kò purọ́ o. Ìrírí tó ní lára gbogbo ọkọ̀ tó ti tọwọ́ rẹ̀ kọjá ló fi dí àlàfo tí fọ́tò fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sanwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí ìríran parí sí, àti ibi tí ìfojúbù ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ni mo dì mú nínú iṣẹ́ kíka fọ́tò ọkọ̀: fọ́tò lè jẹ́rìí pé nǹkan bàjẹ́, kò lè jẹ́rìí pé nǹkan kò bàjẹ́. Bí irin bá ká, tí a sì rí i pé ó ká, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Bí a kò bá rí irin tó ká, ó lè jẹ́ pé kò sí, ó sì lè jẹ́ pé ó wà lẹ́yìn bọ́ńpà, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, tàbí nínú ẹ́ńjìnnì tó tutù dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò.

Ibi tí púpọ̀ nínú fọ́tò wọ̀nyí ti ń wá ni Copart, ilé iṣẹ́ gbàǹjo ọkọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 1982. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ti sanwó rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ọkọ̀ kọlù, adójútòfò ṣírò owó àtúnṣe rẹ̀, ó rí i pé ó ti ga jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ọkọ̀ náà tó, ó sì gbé e lọ sí gbàǹjo. Owó iṣẹ́ ọwọ́ wọ́n gan-an ní Amẹ́ríkà, nítorí náà wọ́n lè pa ọkọ̀ tì níbẹ̀ nítorí bàjẹ́ tí panẹ́lì bítà ní Mushin máa fi ọ̀sẹ̀ kan tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí òwò yìí fi ń mú èrè wá. Ìdí nìyẹn náà tí a kò fi lè sọ pé ọkọ̀ bàjẹ́ dé egungun kìkì nítorí pé adójútòfò kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, wọn a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ojú ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. `Front End` túmọ̀ sí pé iwájú ni ojú ti rí bàjẹ́. Ó sọ ibi tí bàjẹ́ wà, kò sọ bó ṣe jìn tó. Èyí tí àwọn ará ilé máa ń fọkàn tán jù ni `Run and Drive`. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ó túmọ̀ sí kò pọ̀ rárá: lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé ọgbà wọn, ó sítáàtì, ó wọ gíà, ó sì fi agbára ara rẹ̀ rìn. Wọn kò ṣèlérí pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wá gbé e. Wọn kò sì sọ pé ó ṣeé gbé sójú títì. Ọkọ̀ tí radiétọ̀ rẹ̀ ti fọ́ lè sítáàtì, ó lè wọ gíà, ó sì lè rìn díẹ̀ nínú ọgbà kí ooru tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a mú Tòyótà Kòrólà 2014 kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Mo kó o jọ láti ara irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ: `Front End`, `Run and Drive`, fọ́tò mẹ́wàá. Bọ́ńpà iwájú ti yọ lápá òsì, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Iná iwájú apá òsì kò sí mọ́. Féńdà òsì ká wọlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì wú sókè láàárín. Apá ọ̀tún mọ́ tónítóní, ẹ̀yìn mọ́. Nínú ọkọ̀, èábáàgì orí sitiáríǹ ti jáde, èyí tó wà níbi orúnkún awakọ̀ náà ti jáde. Dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, nọ́ńbà máìlì hàn. Ibi tí ọkọ̀ dúró sí tutù, ṣùgbọ́n òjò rọ̀ ní ọgbà náà.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wú sókè ló máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ènìyàn, òun gan-an ló sì kéré jù nínú ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà wá. Wọ́n ṣe é kí ó lè ká ní àárín bí nǹkan bá gbá a níwájú, kí ó má baà wọlé lọ bá ènìyàn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, féńdà àti bọ́ńpà, bóòtù ni wọ́n fi dè wọ́n; a lè tú wọn, ká fi èyí tó wá láti Ládípọ̀ rọ́pò wọn, ká sì kun ún. Bí gbogbo bàjẹ́ bá mọ síbẹ̀, ọ̀gá tọ̀nà pé bọ́dì lásán ni. Ìbéèrè náà ni bóyá ó mọ síbẹ̀.

Kòrólà kò ní ṣáàsì tó dá dúró lábẹ́ bíi ti lọ́rì. Bọ́dì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀. Irin gígùn méjì jáde láti abẹ́ ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, wọ́n na síwájú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ́ńjìnnì títí dé ẹ̀yìn bọ́ńpà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni épúrọ́nù wà, irin tó dì mọ́ ilé ṣọ́ọ̀kì lókè. Àwọn wọ̀nyí kò ní bóòtù. Wẹ́ẹ̀dà ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ nílé iṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ̀, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gun ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa irin padà sípò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bàjẹ́ tó mọ sí bọ́ńpà àti bàjẹ́ tó dé irin wọ̀nyí ló máa ń pinnu bóyá èrè wà nínú ọkọ̀ tàbí kò sí.

Kí wá ni fọ́tò lè sọ nípa irin tí kò hàn? Ó lè sọ díẹ̀, bí a bá wo ibi tó tọ́. Mo máa ń fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, màá lọ wo táyà iwájú lápá tó kọlù. Wo àlàfo tó wà láàárín táyà àti féńdà níwájú rẹ̀, wo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà ilẹ̀kùn, kí o wá lọ wo táyà apá kejì. Nínú Kòrólà wa yìí, táyà òsì ti súnmọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ju bí táyà ọ̀tún ṣe súnmọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀ lọ. Ohun tí a rí nìyẹn, a sì lè sọ ọ́ láìwo ọ̀tún wo òsì: ẹsẹ̀ iwájú òsì ti sún sẹ́yìn. Ohun tí a kò lè sọ ni ohun tó gbé e sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ lówà áàmù nìkan ló tẹ̀. Mẹkáníìkì máa ra òmíràn, á sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó lè jẹ́ irin ńlá abẹ́ tí lówà áàmù so mọ́. Ó sì lè jẹ́ épúrọ́nù àti irin gígùn òsì. Ohun mẹ́ta yìí máa fi táyà náà sí ipò kan náà nínú fọ́tò.

Igun ọkọ̀ ni ìkọlù yìí ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn sì ṣe pàtàkì. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi gbogbo iwájú kọlu nǹkan, irin gígùn méjèèjì ló pín agbára rẹ̀. Tó bá jẹ́ igun lásán, agbára lè gba ìta irin gígùn kọjá, kó wọ táyà, kí táyà sì gbé e lọ sí òpó iwájú ilẹ̀kùn. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò Amẹ́ríkà ní ibùdó kan tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kọlu nǹkan láti dán an wò, IIHS lorúkọ rẹ̀. Ní 2012 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan fún irú ìkọlù yìí gan-an: ìdá 25 nínú 100 ìbú ọkọ̀ ló ń kan ògiri, ní eré máìlì 40 ní wákàtí kan. Wọ́n ṣe é nítorí pé àwọn ọkọ̀ tó ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò ti iwájú ń fọ́ wọnú nígbà tó bá jẹ́ igun. Nítorí náà bí mo bá rí igun tó fọ́ tí táyà sì ti sún, ibi tí ojú mi ń lọ lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn awakọ̀: ṣé àlàfo òkè ilẹ̀kùn náà gbòòrò ju ti ìsàlẹ̀ lọ? Ṣé ìlà ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣì wà lórí ara wọn? Ṣé òrùlé ní ìtẹ̀ kékeré lókè òpó? Bí ọ̀kan nínú wọn bá hàn gbangba, a ti rí i pé agbára náà rìn jìnnà. Bí kò bá hàn, kò tíì sí ẹni tó mọ̀.

Mo sọ pé "gbangba" nítorí pé kámẹ́rà fóònù máa ń yí nǹkan padà. Bí ẹni tó ń yà á bá dúró nítòsí, ohun tó súnmọ́ kámẹ́rà á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó jìn á kéré, ìlà tó tọ́ á sì dà bíi pé ó tẹ̀ ní etí fọ́tò. Mo ti rí àwọn tó ń fi rúlà wọn fọ́tò lójú kọ̀ǹpútà. Kòrólà 2014 gùn ní mílímítà 2,700 láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ṣírò bóyá ó ti kúrú. Ó ṣeé ṣe bí fọ́tò bá jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ, ní ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n igun ni wọ́n ti ń ya ọ̀pọ̀ fọ́tò gbàǹjo, àṣìṣe tó wà nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì ju ohun tí wọ́n ń wá lọ. Ohun tó ṣeé gbára lé ni kí a fi apá kan wé apá kejì, nínú fọ́tò méjì tí wọ́n yà láti ipò kan náà. Òjò tún máa ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti tan ojú: ara ọkọ̀ tó gbẹ tó ń dán á fi ìtẹ̀ hàn níbi tí ìlà ìmọ́lẹ̀ bá ti gán, ṣùgbọ́n omi tó kán síbẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èábáàgì ni fọ́tò ti máa ń fún wa ní òótọ́ tó pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń fi òótọ́ náà ṣeré jù. Kòrólà 2014 ti Amẹ́ríkà ní èábáàgì mẹ́jọ. A rí méjì tó jáde. Ó dájú pé méjì yẹn, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ di tuntun. Àwọn ohun mìíràn bá a lọ tí a kò rí: síítì bẹ́lìtì iwájú ní ohun ìbúgbàù kékeré tó ń fà á le nígbà ìkọlù, bó bá sì ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Búréènì èábáàgì, àpótí kékeré tó wà láàárín ọkọ̀, ti kọ ìkọlù náà sínú ara rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ báyìí, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń kà á lè rí ìṣẹ́jú-àáyá 5 tó ṣáájú ìkọlù: eré tí ọkọ̀ ń sá, bóyá ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì, àti iye tí eré náà fi já lulẹ̀. Kò sí fọ́tò tó lè bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọkọ̀ bá dé Èkó, ẹni tó ń tún un ṣe fún títà lè ra ìdérí sitiáríǹ tuntun, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, kí inú rẹ̀ ṣófo. Lójú fọ́tò, ìdérí tó ní èábáàgì àti ìdérí tó ṣófo kò yàtọ̀. Àwọn kan á yọ iná àmì èábáàgì kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí kí rìwáyà so nǹkan kékeré mọ́ wáyà láti tan búréènì jẹ. Èyí tí wọ́n fi òmíràn sí náà ní ewu tirẹ̀: ní 2024 àjọ tó ń mójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa èábáàgì ayédèrú tí wọ́n fi sínú àwọn ọkọ̀ tó ti kọlù rí. Dípò kó wú láti gba ènìyàn, ó ń fọ́, irin rẹ̀ sì ń gún awakọ̀. Ó ti pa ènìyàn. Bí ẹ bá ń ra ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe, ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín ni kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, kí ẹ wo àmì èábáàgì. Ó yẹ kí ó tàn, kí ó dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, kí ó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Bí ó bá tàn tí kò kú, àṣìṣe wà. Bí ó bá ṣe déédéé, ẹ̀rọ síkáànì àti ẹni tó máa ṣí ìdérí náà ṣì kù.

Ó wá ku ẹ́ńjìnnì tí ọ̀gá sọ pé kò kàn. Lẹ́yìn bọ́ńpà Kòrólà, kóńdẹ́ńsà ti éésì ló kọ́kọ́ wà, radiétọ̀ tẹ̀ lé e, fáànù tẹ̀ lé ìyẹn. Ìkọlù tó gbé bọ́ńpà àti iná lọ lè lu radiétọ̀. Nínú fọ́tò wa, ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n òjò rọ̀, nítorí náà omi ilẹ̀ yẹn kò jẹ́rìí ohunkóhun. Bí ó bá ní àwọ̀ pupa tàbí osùn bíi ti omi radiétọ̀ Tòyótà, ìyẹn á jẹ́ ẹ̀rí. Ká gbà pé radiétọ̀ fọ́. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni ohun tí awakọ̀ ṣe lẹ́yìn ìkọlù. Ṣé ó pa ọkọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n wá fi tówìn fà á? Àbí ó wa ọkọ̀ náà lọ sílé láìsí omi? Àti pé lọ́jọ́ tó dé ọgbà, ṣé wọ́n sítáàtì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, tàbí wọ́n ń sítáàtì rẹ̀ léraléra fún àwọn tó wá wò ó? Ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ láìní omi á gbóná títí tọ́ọ̀pù sílíńdà á fi tẹ̀ díẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì á sì jó. Ọkọ̀ náà lè ṣì sítáàtì dáadáa. `Run and Drive` ṣì lè wà lójú ìwé rẹ̀. Fọ́tò abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á fi ẹ́ńjìnnì kan tó mọ́ hàn yín.

Kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀ tí àlàfo láàárín ohun tí ojú rí àti ohun tí owó máa bá lọ ti gbòòrò tó èyí. Fún ẹni tó dúró ti ọkọ̀ náà, kò ṣòro láti wádìí. Kí ó dé bá ẹ́ńjìnnì ní tútù, kí ó ṣí ìdérí òróró, kí ó fa ọ̀pá òróró jáde: bí òróró bá dà bíi wàrà, omi ti wọlé. Kí ó yọ púlọ́ọ̀gù, kí ó fi géèjì wọn kómpúrẹ́ṣọ̀n sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó fi wọ́n wé ara wọn; bí ọ̀kan tàbí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ gan-an, ó ti fura sí gáskẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ wákàtí kan kò níye lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí ọgbà bá gbà á láyè.

Bákan náà ló ṣe máa wádìí irin abẹ́. Ó máa gbé ọkọ̀ sókè, tàbí kí ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ó wo irin gígùn méjèèjì bóyá ọ̀dà wọn ti bó tàbí ó ti wú níbi tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà á wọ̀n ọ́n ní àgbélébùú: láti bóòtù kan lórí ilé ṣọ́ọ̀kì òsì dé ihò kan níwájú irin gígùn ọ̀tún, kí ó wá wọn láti ọ̀tún sí òsì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ní iye tó yẹ kí ó jẹ́, àwọn tó ń fa irin padà sípò sì sábà máa ń fi mílímítà 3 ṣe òpin àṣìṣe tí wọ́n máa gbà. Ẹ fi èyí wé fọ́tò tí wọ́n yà láti mítà mẹ́ta. Irin tó yà ní mílímítà 10 lè wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i, síbẹ̀ mílímítà 10 yẹn lè mú kí ọkọ̀ máa fà sí apá kan lójú ọ̀nà, kí ó sì máa jẹ inú táyà tuntun lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Omi ìkún-omi ni mo máa sọ kíákíá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló burú jù fún ẹni tó ń ra ọkọ̀ láti ojú fọ́tò. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó kún Hùsítìn ní 2017, ọkọ̀ tó mu omi kún ọgbà gbàǹjo. Èyí tí wọ́n kọ `Water/Flood` sí ṣe òótọ́ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n gbẹ, tí ìwé rẹ̀ gba ìpínlẹ̀ mìíràn kọjá, á mọ́ lójú fọ́tò ju ọkọ̀ tí ẹ ń wà lọ. Bí ìlà ẹrẹ̀ bá wà lára aṣọ ilẹ̀kùn, ó ti hàn. Bí kò bá sí, a kò mọ nǹkan kan. Kí ènìyàn fa síítì bẹ́lìtì jáde dé òpin láti wo ẹrẹ̀ tó wà níbi tí aṣọ fífọ̀ kì í dé, kí ó fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì, kí ó wo bóòtù abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà, kí ó fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. Fọ́tò kò ní imú.

Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò pàápàá ní ibi tí tirẹ̀ parí sí, àwa tó ń gbowó fún iṣẹ́ yìí sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Nínú ọgbà gbàǹjo, a kì í jẹ́ kí ènìyàn tú ọkọ̀. Bí kò bá rí abẹ́ bọ́ńpà, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé òun kò rí i. Ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ti ń ra irú ọkọ̀ yìí, wọ́n yí ètò padà ní oṣù kẹwàá 2017. Tẹ́lẹ̀, iye owó àtúnṣe ni wọ́n fi ń pín ọkọ̀ tó ṣì ṣeé tún ṣe sí ọ̀wọ́. Nísinsìnyí ìbéèrè náà ni bóyá irin tó gbé ọkọ̀ ró bàjẹ́: S bí ó bá bàjẹ́, N bí kò bá bàjẹ́, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló sì yẹ kí ó pinnu. Síbẹ̀ N kò túmọ̀ sí pé bàjẹ́ rẹ̀ fúyẹ́. Sitiáríǹ, bíréèkì, èábáàgì lè ti bàjẹ́ pátápátá, kí ọkọ̀ sì jẹ́ N. Mo ń sọ èyí fún àwọn tó ń gbà á bí ìwé ìdáláre.

Bí ẹnìkan bá wá fi fọ́tò Kòrólà wa yìí ránṣẹ́ sí mi, báyìí ni màá ṣe kọ ọ́ padà sí i. Ohun tí mo rí: bọ́ńpà, iná òsì, féńdà òsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ni ẹ máa pààrọ̀, èábáàgì méjì ti jáde, ẹsẹ̀ iwájú òsì ti sún sẹ́yìn. Ohun tí ó jọ pé ó rí bẹ́ẹ̀: kóńdẹ́ńsà àti radiétọ̀ ti lọ, síítì bẹ́lìtì awakọ̀ ti ṣiṣẹ́, lówà áàmù òsì ti tẹ̀. Ohun tí n kò lè sọ láti ibi tí mo wà: irin gígùn òsì àti épúrọ́nù, tọ́ọ̀pù sílíńdà, gíà, ráàkì sitiáríǹ, àti bóyá nọ́ńbà máìlì tó hàn yẹn jẹ́ òótọ́. Nọ́ńbà tó hàn kò jẹ́rìí ju pé ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù kọ nìyẹn lọ.

Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń rà máa ń fò kọjá, ìyẹn ni ti nọ́ńbà ṣáàsì, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ẹ kọ ọ́ jáde. Ìkẹwàá nínú wọn ń sọ ọdún tí wọ́n kà á sí. Gbogbo wọn lápapọ̀ á sì jẹ́ kí ẹ wá ìtàn ọkọ̀ náà: bóyá ó ti kọlù lẹ́ẹ̀kan rí, bóyá wọ́n ti tà á ní gbàǹjo mìíràn pẹ̀lú fọ́tò mìíràn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí fọ́tò ọdún méjì sẹ́yìn fi igun ọ̀tún tó fọ́ hàn, igun ọ̀tún tó mọ́ tónítóní lónìí.

Bí owó olùyẹ̀wò bá wà, ẹ san án kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, tí ẹ sì ní àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó lè dé ọgbà náà, kódà bí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, ẹ ní kí ó ya fọ́tò mẹ́rin sí i. Ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ òsì gbọọrọ, kí ó dúró jìnnà, kí àárín ilẹ̀kùn wà láàárín fọ́tò, kí ó sì ṣe bákan náà ní ọ̀tún: ìyẹn á sọ ọ̀rọ̀ táyà dé ibi tí fọ́tò lè sọ ọ́ dé. Ọ̀kan láti ilẹ̀ níwájú, kí tọ́ọ̀ṣì tàn sí orí irin gígùn méjèèjì. Ọ̀kan ti ìdérí òróró tí ó ṣí, kí inú rẹ̀ hàn. Bí ẹ bá ní fọ́tò wọ̀nyí, ẹ ṣì máa fi owó tọ́ọ̀pù sílíńdà kún ìṣirò yín, ẹ máa fi owó fífa irin kún un, ẹ máa fi owó èábáàgì tòótọ́ kún un, gbogbo rẹ̀ bíi pé ó ti bàjẹ́. Bí iye tó kù lẹ́yìn ìyẹn bá ṣì dára lójú yín, ẹ fowó lé e.